Ọ̀gá Tó Ń Fòòró Ẹni Láìnídìí: Ibi Tí Òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Lè Gbani Dé

Nínú àwùjọ Wáàsáàpù àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè kan kì í pẹ́ yọjú: "Ẹ jọ̀ọ́, mánéjà mi ń fojú mi rí màbo. Ṣé mo lè pè é lẹ́jọ́?" Kíá ni àwọn èèyàn máa dá a lóhùn pé kó pè é, pé wọn kì í gba irú rẹ̀ níbí. Ìmọ̀ràn yẹn kò tọ̀nà tán. Bí onítọ̀hún bá dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Kí ló dé tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín?" Bó bá ní, "Mi ò mọ̀, kò kàn fẹ́ràn mi ni," agbẹjọ́rò á mí kanlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn.

Kò sí òfin kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dárúkọ fífòòró òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró. Acas, ìyẹn àjọ tó ń báni là á níjà láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ṣàlàyé ohun tó jẹ́ dáadáa: ìwà tí ẹni tí wọ́n ń hù ú sí kò fẹ́, tó jẹ́ ìwọ̀sí, ìdẹ́rùbani tàbí ìwà ìkà, tàbí kẹ̀, kí ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa fi tẹ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Àmọ́ àlàyé lásán ni. Ẹnikẹ́ni ò lè gbé àlàyé lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tí wọ́n ń fòòró ní láti wá òfin mìíràn tí wọ́n ṣe fún nǹkan mìíràn, kó sì wò ó bóyá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Mòjí tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ kẹ́à rí á mọ̀ ọ́n. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Leeds ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lò ju ọdún 2 lọ, físà iṣẹ́ ló sì fi wà nílùú. Mánéjà tuntun kan dé. Yorùbá ni, obìnrin ni, ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra, ẹ̀sìn kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. "Àǹtí" ni gbogbo àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ ń pè é, Mòjí náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í yí rótà Mòjí padà ní aago 10 alẹ́ fún iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Aláìsàn tó yẹ kí èèyàn 2 jọ gbé, òun nìkan ló ń yàn fún. Á kí gbogbo èèyàn nínú yàrá ìjẹun, á fo Mòjí. Ó yọ ọ́ kúrò nínú àwùjọ Wáàsáàpù tí wọ́n ti ń kéde ṣífìtì, ó sì tún kọ ìwé ìbáwí fún un pé kò wá sí ṣífìtì. Lọ́jọ́ kan, níwájú àwọn arúgbó àti ọmọ ẹnìkan tó wá kí ìyá rẹ̀, ó fi Yorùbá sọ fún un pé, "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé yín nìyí, òpònú?" Àlejò náà ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ojú Mòjí ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Òfin Ìdọ́gba ti ọdún 2010 ló lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ báyìí. Ó fàyè gba owó ìtánràn fún ìbànújẹ́ ọkàn, kò sì béèrè pé kéèyàn ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan 9 péré ló kà sílẹ̀ tí ìyà náà gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ wá: ọjọ́ orí, àìlera, ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, oyún àti ìbímọ, ìgbéyàwó, yíyí padà láti ọkùnrin sí obìnrin tàbí láti obìnrin sí ọkùnrin, àti irú ẹni tí ọkàn èèyàn ń fà sí. Bó bá jẹ́ òyìnbó ni mánéjà náà, ó kéré tán, agbẹjọ́rò Mòjí á ní ibi tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀. Ní báyìí, àwọ̀ kan náà, ìlú kan náà, obìnrin sí obìnrin. Òfin kò sọ pé ọmọ ẹ̀yà kan kò lè fìyà jẹ ọmọ ẹ̀yà tirẹ̀ nítorí ẹ̀yà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé torí rẹ̀ ni ṣòro láti rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń fi tipátipá kọ "ẹ̀yà" sínú ìwé ẹjọ́ nítorí wọn ò rí ohun mìíràn kọ. Lójú tèmi, àṣìṣe ńlá ni. Bó bá já síbẹ̀, àwọn adájọ́ lè má fi bẹ́ẹ̀ gba ìyókù ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ mọ́.

Kí Mòjí tó gbà pé kò sí ìdí, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tó sọ fún ọ̀gá pé èèyàn kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ gbogbo ilé lóru, tàbí pé wọn ò fọwọ́ sí ìwé oògùn àwọn aláìsàn bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó tú àṣírí ohun tó lè pa ará ìlú lára, tó ti wà láti ọdún 1998, ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní téèyàn wọṣẹ́, ó sì fàyè gba owó ìbànújẹ́ ọkàn. Ọ̀pọ̀ ni kì í so méjèèjì pọ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti wà láàárín wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ti Mòjí kò rí bẹ́ẹ̀. Àǹtí kò kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ìwé ẹ̀hónú ni ibi tí ilẹ̀kùn kọ́kọ́ ṣí sí. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló yẹ kó ní ìlànà rẹ̀ nínú ìwé òfin iṣẹ́, Acas náà sì ní ìlànà tí ìgbìmọ̀ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ máa ń gbé yẹ̀ wò: òṣìṣẹ́ á kọ̀wé láìjáfara, agbanisíṣẹ́ á pè é fún ìpàdé, á wádìí, á fèsì lórí ìwé, á sì fún un láyè láti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ẹnì kan dání lọ sí ìpàdé yẹn, ìyẹn ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Kì í ṣe pásítọ̀, kì í ṣe ọkọ. Bó bá ṣe pé lẹ́yìn tí ìyà ti bẹ̀rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ ẹgbẹ́, kó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í gba ẹjọ́ tó ti wà nílẹ̀ kéèyàn tó wọlé.

Ibi tí ìwé ẹ̀hónú àwọn èèyàn wa ti ń kù díẹ̀ káàtó ni pé ìwà ẹni náà ni wọ́n ń kọ, wọn kì í kọ ohun tó ṣe. "Obìnrin náà burú, kò fẹ́ kí n rọ́wọ́ mú, ó ń jowú mi." Kò sẹ́ni tó lè wádìí owú. Ohun tí wọ́n lè wádìí nìyí: "Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta, aago 7:40 àárọ̀, yàrá ìjẹun. Mánéjà fi Yorùbá pè mí ní òpònú. Olùtọ́jú kan tó gbọ́ Yorùbá wà níbẹ̀, ọmọ aláìsàn tó wà ní yàrá 6 náà wà níbẹ̀. Mo jáde lọ sunkún nínú ilé ìwẹ̀. Mo ṣí ìwé yìí kọ ọ́ sílẹ̀ ní aago 2 nígbà tí mo parí iṣẹ́." Irú ìlà bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, pẹ̀lú àwòrán rótà tó wà tẹ́lẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní aago 10 alẹ́, lágbára ju ojú ìwé 8 tó kún fún ẹkún lọ. Kó sì fi ránṣẹ́ sí íméèlì ara rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ọjọ́ tó kọ ọ́ lè hàn, àmọ́ kó má fi orúkọ tàbí àìsàn àwọn tó ń tọ́jú síbẹ̀. Wọ́n lè yí ìyẹn sí ẹ̀sùn sí i lọ́rùn.

Ẹ̀dùn ọkàn mìíràn tún wà tí àwọn ìwé ìlànà kò mọ̀ ọ́n. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ kọ̀wé mú Àǹtí? Bí ìwé bá ti jáde, àwọn àgbà ìjọ á ti gbọ́, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn parí rẹ̀ nílé, pé ọmọ Yorùbá kan náà ni, pé ṣé òyìnbó ló fẹ́ kó dá wọn lẹ́jọ́ ni. Nígbà mìíràn, ẹ̀bẹ̀ yẹn máa ń yanjú ọ̀rọ̀, mi ò sì ní bẹnu àtẹ́ lu àwọn àgbà. Àmọ́ aago òfin kì í dúró de ẹ̀bẹ̀. Oṣù 3 ó dín ọjọ́ 1 ni wọ́n fi ń ka àkókò àtigbé ọ̀pọ̀ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀, ìwé ẹ̀hónú fúnra rẹ̀ kì í sì í dá a dúró. Òfin tuntun ọdún 2025 fẹ́ sọ ọ́ di oṣù 6, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn kó ṣì máa ka oṣù 3 títí agbẹjọ́rò á fi sọ fún un pé tirẹ̀ bọ́ sábẹ́ tuntun.

Èèyàn tètè máa ń mọ̀ bí ìwádìí bá jẹ́ ti ojú ayé. Wọn ò ní pe ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó dárúkọ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wádìí á jẹ́ ẹni tó ń jábọ̀ fún Àǹtí, tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lójijì, iṣẹ́ Mòjí fúnra rẹ̀ ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wò. Níkẹyìn, ìwé á dé pé ìwà àwọn méjèèjì ló kàn ò bára mu. Kó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà síbẹ̀, kì í ṣe torí pé wọ́n máa gbọ́, bí kò ṣe torí pé ìgbìmọ̀ ẹjọ́ lè fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tàbí kí wọ́n fi yọ kúrò, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ̀ láti tẹ̀ lé ìlànà Acas bá ṣe jẹ́.

Bí ìwé ẹ̀hónú kò bá so èso, ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ jù ni kí òṣìṣẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kó wá sọ pé wọ́n lé òun ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Òṣìṣẹ́ ti ọdún 1996 gbà pé agbanisíṣẹ́ lè lé èèyàn dànù láìla ẹnu sọ ọ́, bó bá ti sọ iṣẹ́ náà di ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè fara dà mọ́. Ìdí rẹ̀ wà nínú àdéhùn iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1997, ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà fìdí ẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Malik àti báńkì BCCI pé nínú gbogbo àdéhùn iṣẹ́, bí wọn ò tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ hùwà tó máa ba ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàárín òun àti òṣìṣẹ́ jẹ́ láìnídìí tó tọ́. Fífòòró èèyàn lójoojúmọ́ bọ́ sábẹ́ èyí. Kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá torí àwọ̀ ni tàbí torí ẹ̀sìn.

Ó ní ààlà tirẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 2 lẹ́nu iṣẹ́ náà. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní Oṣù Kejìlá ọdún 2025 máa sọ ọ́ di oṣù 6 láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní ọdún 2027, ìyípadà ńlá sì ni fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èkejì ni ìgbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá yára jù, wọ́n á ní kò jẹ́ kí àwọn tún un ṣe. Bó bá pẹ́ jù, wọ́n á ní ó ti gbà á mọ́ra.

Níbi ọ̀rọ̀ ìgbà yìí ni orúkọ kan tó jọ ti ọmọ wa ti wọ inú ìwé òfin Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 2004, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ẹjọ́ Omilaju àti ìjọba ìbílẹ̀ Waltham Forest ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin náà ti bá agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ṣẹjọ́ lóríṣiríṣi, wọ́n wá kọ̀ láti san owó àwọn ọjọ́ tó fi wà nílé ẹjọ́. Ó ní ìyẹn ló kún un, ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ohun tó kún èèyàn gbẹ̀yìn kò dandan kó burú fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan kún èyí tó ti wà nílẹ̀. Ohun tí kò ní aburú kankan nínú kò lè ṣe é, bó ti wù kó dun òṣìṣẹ́ tó. Owó tí wọn ò san kò kún un tó lójú wọn, ọ̀gbẹ́ni náà pàdánù ẹjọ́ rẹ̀. Àmọ́ títí di òní, agbẹjọ́rò tó bá fẹ́ sọ pé ìyà ń gorí ìyà títí tó fi kún onítọ̀hún, orúkọ rẹ̀ ló máa dá. Fún Mòjí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kó má fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí Àǹtí kàn ní kó tètè dé lọ́la. Kó jẹ́ lẹ́yìn ohun tó ní oró nínú, irú bíi kí wọ́n dá ẹ̀hónú rẹ̀ nù láìpe ẹlẹ́rìí kankan, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ń kúrò pé nítorí rẹ̀ ni, pẹ̀lú gbogbo èyí tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn.

Ká ní ó borí ńkọ́? Níbí ni ìjákulẹ̀ ti ń dé bá ọ̀pọ̀ èèyàn. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó àyíká kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Hull ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n fòòró rẹ̀ títí tó fi fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹjọ́ gbà pé wọ́n ṣe é bó ṣe sọ, wọ́n sì fi £10,000 kún owó rẹ̀ fún ìbànújẹ́ àti ìwọ̀sí. Nígbà tí ẹjọ́ náà, ìyẹn ẹjọ́ Dunnachie, dé òkè pátápátá lọ́dún 2004, wọ́n yọ £10,000 náà. Wọ́n ní owó tó sọ nù nìkan ni òfin yẹn ń san, kò sanwó ẹkún. Ẹ fi èyí wo ti Mòjí. Ó ti pé ọdún 2, kò tíì pé ẹni ọdún 41, nítorí náà owó ìpìlẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 2. Lẹ́yìn náà ni owó oṣù tó pàdánù títí tó fi ríṣẹ́ mìíràn. Nínú iṣẹ́ kẹ́à tí wọ́n ń wá èèyàn lójú méjèèjì, ó lè ríṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lè má tó owó tó máa san fún agbẹjọ́rò.

Ti físà rẹ̀ ló wá le jù. Òfin yìí ní dandan kó kọ́kọ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ yẹn ló sì ṣe onígbọ̀wọ́ físà rẹ̀. Bó bá ti kúrò, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Nígbà tí lẹ́tà ìjọba bá dé, ọjọ́ 60 ló sábà máa ń ní láti rí onígbọ̀wọ́ mìíràn tàbí kó kúrò nílùú. Láti 22 Oṣù Keje ọdún 2025 ni wọn kò ti gba kí ilé ìtọ́jú máa kó òṣìṣẹ́ kẹ́à tuntun wá láti òkè òkun mọ́. Ẹni tó ti wà nílùú ṣì lè yí ilé iṣẹ́ padà fúngbà díẹ̀, àmọ́ ilé tó ṣe tán láti gbọ̀wọ́ físà kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ lè fòòró jù ni ẹni tí kò lè kúrò, òun gan-an sì ni ọ̀nà àbáyọ tí òfin ní kò bá mu. Mi ò rò pé àwọn tó ṣòfin náà gbèrò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1996, irú òṣìṣẹ́ yìí kò sí lọ́kàn wọn.

Ọ̀nà kan wà tí kò béèrè pé kéèyàn kúrò níbi iṣẹ́. Lọ́dún 1997, wọ́n ṣòfin kan láti fi dá àwọn tó ń tọ èèyàn lẹ́yìn kiri dúró. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máa yọ ẹlòmíràn lẹ́nu, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí wọ́n bá yọ lẹ́nu sì lè gba owó ìtánràn, títí kan owó fún ìdààmú ọkàn. Kò dárúkọ ibi iṣẹ́. Lọ́dún 2006, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn Guy's àti St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ní ọ̀gá òun ń bú òun níwájú èèyàn, tó ń yan iṣẹ́ tí kò ṣeé parí fún òun, gbé òfin yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Ilé ẹjọ́ gbà fún un pé agbanisíṣẹ́ lè dáhùn fún ohun tí mánéjà rẹ̀ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ òfin yìí. Ẹjọ́ Majrowski ni wọ́n ń pè é. Ọdún 6 lèèyàn ní láti gbé e dìde, kì í ṣe oṣù 3.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìwà burúkú ló tó o. Ìyọlẹ́nu náà gbọ́dọ̀ wúwo débi pé wọ́n lè fi í pe onítọ̀hún lẹ́jọ́ ọ̀daràn. Ẹjọ́ 2 ló fi ibi tí ààlà wà hàn. Nínú ẹjọ́ Conn lọ́dún 2007, ọ̀gá kan lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Sunderland halẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé òun máa fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ fèrèsé. Nígbà kejì, ó ní òun máa lu ọ̀kan nínú wọn. Ilé ẹjọ́ ní ti àkọ́kọ́ kò wúwo tó, ó wá ku ẹyọ kan, ẹyọ kan kò sì tó. Lọ́dún 2009, ẹjọ́ Veakins dé. Oníṣẹ́ iná mànàmáná ni obìnrin yìí, obìnrin bíi tirẹ̀ sì ni ọ̀gá tó ń dà á láàmú. Ọ̀gá náà dójú sọ òun nìkan nínú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́, ó ń dójú tì í, nígbà tó sì kọ lẹ́tà láti fẹ̀hónú hàn, ọ̀gá náà fa lẹ́tà ya láìkà á. Ìsoríkọ́ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní èyí kọjá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́, ó kọjá ààlà. Nínú gbogbo ẹjọ́ tí mo mọ̀, òun ló sún mọ́ ti Mòjí jù: obìnrin sí obìnrin, láìnídìí, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n dójú sọ.

Owó tó ń jáde níbẹ̀ lè pọ̀. Ní ọdún 2006 kan náà, obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Deutsche Bank ní Lọ́ńdọ̀nù gba ohun tó ju £800,000 lọ, torí pé àwọn tí wọ́n jọ wà lọ́fíìsì ń fi ẹnu ṣe ariwo ẹ̀gàn bó ti ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀, wọ́n ń fi lẹ́tà rẹ̀ pa mọ́, wọ́n ń ní ó ń rùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó yẹn jẹ́ owó oṣù tí kò ní lè gbà mọ́ nítorí àìsàn tó kó bá a. Owó oṣù báńkì ni. Ti olùtọ́jú kò lè súnmọ́ ọn. Ilé ẹjọ́ gbogbogbòò ni wọ́n ń gbé irú ẹjọ́ yìí lọ, èèyàn á san owó ìwé, bó bá sì pàdánù, ó lè ru ẹrù owó agbẹjọ́rò ẹnì kejì. Níwájú ìgbìmọ̀ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, wọn kì í gba owó ìwé, olúkúlùkù ló sì sábà máa ń ru ti ara rẹ̀.

Bí Mòjí bá ṣàìsàn ọpọlọ tí dókítà lè dárúkọ, ó tún lè pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́ pé wọn ò tọ́jú òun bó ṣe yẹ. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé wọ́n ti rí àmì pé ó máa ṣàìsàn, wọn ò sì ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyí tó fi ṣe pàtàkì kó sọ ọ́ fún dókítà rẹ̀ pé ibi iṣẹ́ ni, kó má kàn sọ pé òun ò rí oorun sùn, kó sì sọ fún ilé iṣẹ́ lórí ìwé. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láti fi bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí a ṣe kọ́ wa láti kékeré, ń ba ẹ̀rí ara rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ Nàìjíríà yani lẹ́nu níbí. Àdéhùn Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé kan wà, nọ́ńbà 190 ti ọdún 2019, tó ka ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́ sí ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ dènà, láìbéèrè ìdí tí wọ́n fi hù ú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Nàìjíríà jọ fọwọ́ sí i lọ́dún 2022. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òṣìṣẹ́ kò lè gbé àdéhùn àgbáyé lásán lọ síwájú adájọ́ láìjẹ́ pé ilé aṣòfin sọ ọ́ di òfin. Ní Nàìjíríà, àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin ìpìlẹ̀ lọ́dún 2010 fún ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ tó dá lórí àdéhùn iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè bá ti fọwọ́ sí. Nítorí náà, lórí ìwé, akọ̀wé ní Ìbàdàn tí ọ̀gá rẹ̀ ń fòòró ní ọ̀nà tó tààrà ju ti Mòjí ní Leeds lọ. Bí ẹjọ́ ṣe ń pẹ́ tó nílé ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gba ọ̀nà náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aṣòfin Rachael Maskell gbé àbá òfin kan wá lọ́dún 2023 tí ì bá túmọ̀ ìfòòró ẹni níbi iṣẹ́ nínú òfin, tí ì bá sì jẹ́ kéèyàn lè gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Àbá náà kò di òfin.

Nínú èyí tó pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ irú èyí kì í dé iwájú adájọ́. Kí ìgbìmọ̀ tó lè gbọ́ ọ, Mòjí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún Acas, ẹnì kan níbẹ̀ á sì máa pe àwọn méjèèjì lórí fóònù bóyá wọ́n lè fẹnu kò. Wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ti rí ìlà mẹ́wàá tó ní ọjọ́ àti aago nínú, pẹ̀lú àwòrán rótà, sábà máa ń fẹ́ kó parí wẹ́rẹ́: owó oṣù mélòó kan, lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ibi iṣẹ́ tuntun, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ síta. Owó ni gbogbo èèyàn ń jà fún nínú ìjíròrò yẹn. Ẹni tó wà lórí físà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọjọ́ tó máa kúrò bọ́ lọ́wọ́ òun, nítorí ọjọ́ iṣẹ́ 10 tí ilé iṣẹ́ ní láti sọ fún ìjọba kì í bẹ̀rẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí. Bí wọ́n bá lè gbà kó wà nílé gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ fún oṣù 3, kó máa gba owó oṣù, kí lẹ́tà ìjẹ́rìí sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní oṣù 3 láti wá onígbọ̀wọ́ tuntun kí ọjọ́ 60 tó yọjú rárá.